Bí A Ṣe Ka Síífíì Mọ́kànlélógójì Láì Fi Ojú Ṣàánú: Ọ̀rọ̀ Tí Mo Bá Ìpàdé Ẹ̀ka Ọ̀dọ́ Sọ

 

Ẹ ó rántí pé nígbà tí ẹgbẹ́ wa ń wá ẹni tí yóò máa bójú tó yàrá kọ̀ǹpútà tó wà ní gbọ̀ngàn ìlú, ènìyàn 41 ló fi síífíì ránṣẹ́. Ẹni kan ṣoṣo la lówó láti gbà. Àwọn kan ti ń bi mí pé báwo la ṣe mú mẹ́sàn-án nínú wọn fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, àti pé kí ló dé tí ọmọ àwọn kò sí níbẹ̀. Ìbéèrè tó tọ́ ni, ẹ jẹ́ kí n dáhùn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, títí kan ibi tí èmi fúnra mi ti ṣàṣìṣe.

Kí a tó ṣí síífíì kankan la ti ya àtẹ sórí Excel. Ìlà kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Òpó mẹ́fà péré: mẹ́ta fún iṣẹ́ ọwọ́ tí a ń wá (kíkọ́ni ní kọ̀ǹpútà, títún ẹ̀rọ ṣe, àti ṣíṣe àkọsílẹ̀ owó), ọ̀kan fún iye oṣù tí ẹni náà ti fi ṣe irú iṣẹ́ yìí, ọ̀kan fún àwọn tó gbà á síṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ọ̀kan fún ojú ìwé tí a ti rí ohun tí a kọ. A kò kọ orúkọ síbẹ̀ rárá. Nọ́ńbà la fún wọn, akọ̀wé ló sì mú ìwé tó so nọ́ńbà mọ́ orúkọ pamọ́. Ẹ má bínú, ìlú kékeré la wà. Bí mo bá rí orúkọ, mo ti mọ agbo ilé.

Ìdí tí a fi ya òpó ṣáájú ni pé bí o bá kọ́kọ́ ka síífíì, ẹni tí ìwé rẹ̀ dára ni yóò máa sọ ohun tí o ń wá fún ọ. O lè rí ẹnì kan tó mọ bí wọ́n ṣe ń ya fídíò, kí o bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé fídíò náà wúlò o, nígbà tí kò sí fídíò nínú iṣẹ́ náà.

Ní ti iṣẹ́ ọwọ́, ohun tí ènìyàn ṣe la ń kọ sílẹ̀, kì í ṣe ohun tó pe ara rẹ̀. Ẹni tó kọ pé òun mọ Excel dáadáa gba 1. Ẹni tó kọ pé òun fi ń ṣe owó oṣù òṣìṣẹ́ méjìlá lóṣooṣù gba 2. Ẹni tí kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀, àmì ìbéèrè la fi síbẹ̀, a kò fi òdo sí i. Kò sọ ọ́ yàtọ̀ sí kò mọ̀ ọ́n. Bí ẹni tí àmì ìbéèrè wà níwájú rẹ̀ bá ṣe dáadáa ní àwọn òpó yòókù, a ó pè é lórí fóònù ká bi í.

Ọ̀rọ̀ ọdún ìrírí ló le jù. Nọ́ńbà 17 kọ gàdàgbà sókè ìwé rẹ̀ pé òun ní ìrírí ọdún mẹ́fà. Ẹ jẹ́ ká kà á pọ̀. Ó kọ́ni ní kọ̀ǹpútà nílé ìwé kan láti Jánúárì 2018 sí Dìsẹ́ńbà 2020, oṣù 36 nìyẹn. Ó ṣiṣẹ́ ní kàfé kan láti Júláì 2019 sí Júnù 2021, oṣù 24. Ó ṣe àgùnbánirọ̀, ó sì kọ́ni ní kọ̀ǹpútà níbi tí wọ́n gbé e lọ, láti Nofẹ́ńbà 2021 sí Ọktóbà 2022, oṣù 12. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 72, ọdún mẹ́fà géérégé. Kò purọ́. Àmọ́ láti Júláì 2019 sí Dìsẹ́ńbà 2020, iṣẹ́ méjèèjì ló ń ṣe pọ̀, oṣù 18 sì nìyẹn. A kò lè ka oṣù kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Bí a bá yọ 18 kúrò, ó ku 54, ìyẹn ọdún mẹ́rin àtààbọ̀. Ó ṣì pọ̀ ju oṣù 24 tí a béèrè lọ, nítorí náà ó wọlé.

Excel lè bá yín ka oṣù. Ẹ fi ọjọ́ kìíní oṣù tó bẹ̀rẹ̀ sí B2, ọjọ́ kìíní oṣù tó parí sí C2, kí ẹ wá kọ:

```
=DATEDIF(B2,C2,"m")+1
```

Ẹ má gbàgbé 1 ìparí yẹn. Láìsí i, Jánúárì sí Dìsẹ́ńbà yóò di oṣù 11.

Àwọn kan kì í kọ oṣù rárá, wọ́n á kàn kọ 2019–2020. Ó lè jẹ́ oṣù méjì, ó sì lè jẹ́ 24. Èyí tó kéré jù àti èyí tó pọ̀ jù la jọ kọ sílẹ̀. Bí ìyàtọ̀ náà bá lè mú ẹni náà wọlé tàbí kó lé e jáde, a pe onítọ̀hún.

Ó wá kan àṣìṣe mi. Kí iṣẹ́ lè yá, mo ń da ọ̀rọ̀ kọ láti inú PDF sínú àtẹ, dípò kí n máa fi ojú kà á. Síífíì nọ́ńbà 23 pín sí ọ̀nà méjì: orúkọ ibi iṣẹ́ wà lápá òsì, ọjọ́ wà lápá ọ̀tún. Ibi mẹ́ta ló kọ. Àkọ́kọ́ jẹ́ iṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí kò kọ ọjọ́ sí, èkejì jẹ́ yàrá kọ̀ǹpútà ilé ìwé, ẹ̀kẹta jẹ́ ṣọ́ọ̀bù aṣọ. Bí mo ṣe dà á kọ, gbogbo apá òsì ló kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà ni gbogbo ọjọ́ tẹ̀ lé e, àwọn ọjọ́ náà sì gòkè ní ìpele kan. Oṣù 32 tó lò ní yàrá kọ̀ǹpútà (Máàṣì 2019 sí Ọktóbà 2021) lọ bá iṣẹ́ ọ̀fẹ́. Oṣù 8 ti ṣọ́ọ̀bù aṣọ wá bọ́ sórí yàrá kọ̀ǹpútà. Mo kọ 8. Mo yọ ọ́ kúrò. Mo tilẹ̀ lọ jẹun lẹ́yìn rẹ̀.

Igbákejì mi ló rí i. Èmi àti òun la jọ ka gbogbo síífíì, oníkálukú pẹ̀lú àtẹ tirẹ̀, láì wo ti ara wa. Nígbà tí a fi méjèèjì wéra, ojú àpótí 19 ni kò bára mu. Púpọ̀ nínú wọn kò ju ìyàtọ̀ 1 sí 2 lọ, àmọ́ ti nọ́ńbà 23 jẹ́ 8 lọ́dọ̀ mi, 32 lọ́dọ̀ rẹ̀. A padà sí ojú ìwé tí a kọ sílẹ̀, a sì rí i kedere. Àmì rẹ̀ wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀: ibi iṣẹ́ mẹ́ta, ọjọ́ méjì. Bí iye wọn kò bá dọ́gba, ẹ dúró, ẹ ṣí ìwé gangan.

Ní ti àwọn agbanisíṣẹ́, ohun tó ń da ni láàmú ni pé ènìyàn méjì lè ṣiṣẹ́ níbì kan náà, kí ọ̀kan kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún, kí èkejì kọ ìgékúrú. Orúkọ kan la yàn fún ibi kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, a kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, a kò sì tìtorí rẹ̀ dín oṣù rẹ̀ kù. Àmọ́ a béèrè orúkọ oníbàárà kan tó lè jẹ́rìí.

Àtẹ náà kò sọ ẹni tó mọ̀wà hù, kò sì sọ bóyá òótọ́ ni ohun tí wọ́n kọ. Ohun tó sọ fún wa kò ju ẹni tó yẹ ká pè wá jókòó níwájú wa lọ. Mẹ́sàn-án ni wọ́n, nọ́ńbà 23 sì wà nínú wọn.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín kò sí níbẹ̀, ẹ ní kí ó kọ sí akọ̀wé pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀. A ó fi ìlà tirẹ̀ hàn án, tirẹ̀ nìkan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní ká fi gbogbo àtẹ sórí Wáásáàpù. Ọ̀rọ̀ ayé ènìyàn ló wà níbẹ̀, òfin tí ìjọba Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2023 láti dáàbò bo irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ sì kàn wá.