Iye Káàdì Tó Yẹ Kó Wà Nílé-Iṣẹ́

Ọ̀rọ̀ káàdì páálí kékeré kan ni mo bá wá. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà, tó mọ ìsọdipúpọ̀ àti pípín, ọ̀rọ̀ yìí yé e tán. Ẹ mú bíìkì àti ìwé yín sí tòsí, nítorí a ó ṣírò díẹ̀.

Ilẹ̀ Japan ni káàdì yìí ti bẹ̀rẹ̀, ní ilé-iṣẹ́ Toyota tí ń ṣe mọ́tò. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀, Taiichi Ohno lorúkọ rẹ̀. Ó gbọ́ nípa àwọn ilé ìtajà ńlá ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí oníbàárà ti ń fọwọ́ ara rẹ̀ mú ohun tó fẹ́ lórí pẹpẹ, tí ẹni tó ń tọ́jú ọjà á sì fi kìkì iye tí wọ́n mú rọ́pò. Ohno wò ó pé bó ṣe yẹ kó rí nílé-iṣẹ́ náà nìyẹn. Nígbà yẹn, gbọ̀ngàn kọ̀ọ̀kan a máa ṣe iye tí agbára rẹ̀ ká, a sì tì í sọ́dọ̀ gbọ̀ngàn kejì, ìyẹn ì báà fẹ́ ẹ, ì báà má fẹ́ ẹ. Ní ọdún 1953 ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi káàdì ṣiṣẹ́ ní gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń gé irin. Nígbà tó di ọdún 1962, gbogbo ilé-iṣẹ́ náà ti gbà á. Wọ́n ń pe káàdì náà ní káńbáńnì. Ìtumọ̀ rẹ̀ lédè wọn ni pátákó tí a kọ nǹkan sí fún aráyé rí. Lónìí, ibòmíràn wà tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ló ń gbé àmì náà kiri, ṣùgbọ́n ìṣirò rẹ̀ kò yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bí mo ṣe rí i. Mo ti ṣiṣẹ́ rí níbi tí wọ́n ti ń to kẹ̀kẹ́ pọ̀. Kẹ̀kẹ́ kan ní pẹ́dà méjì, ọ̀kan fún ẹsẹ̀ ọ̀tún, ọ̀kan fún ẹsẹ̀ òsì. Ẹ má rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ọ̀nà tí a ń gbà yí ti òsì wọlé yàtọ̀ sí ti ọ̀tún, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, pẹ́dà ọ̀tún ní káàdì tirẹ̀, ti òsì ní tirẹ̀. Ti ọ̀tún nìkan la ó sọ.

Gbọ̀ngàn kan ń ṣe pẹ́dà, gbọ̀ngàn kejì ń to kẹ̀kẹ́. Inú àpótí ni wọ́n ń kó pẹ́dà sí, 20 nínú àpótí kan, kò gbọdọ̀ lé, kò gbọdọ̀ dín. Lára àpótí kọ̀ọ̀kan ni káàdì kan wà. Wọ́n kọ ọ́ sí i pé: pẹ́dà ọ̀tún, 20, gbọ̀ngàn pẹ́dà ló ń ṣe é, ibi ìtòpọ̀ ló ń lò ó. Bí òṣìṣẹ́ bá fẹ́ ṣí àpótí tuntun, kó tó mú pẹ́dà àkọ́kọ́ ni yóò ti yọ káàdì rẹ̀, yóò sì sọ ọ́ sínú agolo kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń ti ọmọlanke á wá kó àwọn káàdì inú agolo, á gbé wọn lọ sí gbọ̀ngàn pẹ́dà, wọ́n á fi wọ́n kọ́ sórí pátákó. Káàdì kan lórí pátákó, àpótí kan ni kí wọ́n ṣe. Bí kò bá sí káàdì lórí pátákó, kí wọ́n káwọ́ ró, kí wọ́n gbálẹ̀, kí wọ́n fi epo sí ẹ̀rọ. Àpótí tí kò ní káàdì kò gbọdọ̀ rìn. Èyí tí kò dára kò sì gbọdọ̀ bá àwọn yòókù wọ àpótí, nítorí 20 tí a kọ, 20 tó dára ni. (Ní Toyota, oríṣi káàdì méjì ni wọ́n ń lò, ọ̀kan fún gbígbé, ọ̀kan fún ṣíṣe. Ẹyọ kan náà ló ń ṣe méjèèjì níbi tiwa.)

Ó yé yín báyìí pé iye káàdì ni iye àpótí tó lè kún láàárín gbọ̀ngàn méjèèjì. Káàdì 14, àpótí 14, kò lè lé. Ìyẹn ló jẹ́ kí ìbéèrè náà le: mélòó ni ká ṣe? Bó bá pọ̀ jù, owó àti àyè ti sùn sínú àpótí. Bó bá kéré jù, ibi ìtòpọ̀ á dúró.

Wọn kì í fi ẹ̀rù pinnu rẹ̀, àkókò ni wọ́n fi ń pinnu rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ 480 ni wọ́n ń tò lójúmọ́, ní wákàtí 8. Ẹ pín 480 sí ọ̀nà 8, ẹ ó rí 60. Pẹ́dà ọ̀tún 60 ni wọ́n ń lò ní wákàtí kan.

Ìgbà wo ni káàdì tó kúrò lára àpótí á tó padà dé pẹ̀lú àpótí tó kún? Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà, nítorí àkókò tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́ nìkan ni wọ́n ń kà. Bẹ́ẹ̀, dídúró ni iṣẹ́ tí káàdì ń ṣe jù. Níbi tí mo wí yìí, wákàtí wákàtí ni ọmọlanke ń kọjá, káàdì lè dúró wákàtí 1 nínú agolo. Bó bá dórí pátákó, ó lè bá ẹ̀rọ lórí pẹ́dà òsì. Kí wọ́n tó parí ìyẹn, kí wọ́n tó tún ẹ̀rọ tò fún ti ọ̀tún, wákàtí 1 ààbọ̀. Ṣíṣe 20 gba ààbọ̀ wákàtí. Dídúró de ọmọlanke àti ìpadàbọ̀, wákàtí 1. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ wákàtí 4.

Láàárín wákàtí 4 yìí, ibi ìtòpọ̀ á lo 60 lọ́nà 4, ìyẹn 240. A fi ìdá mẹ́wàá kún un nítorí ohun tó lè ṣẹlẹ̀, ìyẹn 24, ó di 264. Ẹ pín in sínú àpótí ológún. Àpótí 13 gba 260, ó ku 4. Kò sí ààbọ̀ káàdì, nítorí náà 14 ni. Iye káàdì pẹ́dà ọ̀tún nìyẹn, 14.

Ó sì ṣẹlẹ̀ lóṣù kan pé pẹ́dà ọ̀tún ń tán ní ibi ìtòpọ̀ lẹ́yìn ọ̀sán. Gbogbo wa á káwọ́ ró, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ kan á tò lọ bẹẹrẹ. Lójoojúmọ́ ni. Ọ̀gá wa bínú, ó ní kí wọ́n fi káàdì 4 kún un. Ìyá kan wà tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀, kò pẹ́ tó mọ̀wé kà nígbà náà. Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ jẹ́ n ka àwọn tó wà ná.” Ó ka èyí tó wà lára àpótí, ó ka ti inú agolo, ó ka ti orí pátákó, ó ka ti inú ọmọlanke. 11 ló rí. Káàdì 3 ti sọnù!

Ẹ wò ó. Káàdì 11, àpótí 11, pẹ́dà 220 ni. Wákàtí 4 ń fẹ́ 240. Wọ́n kéré ní 20, iṣẹ́ ogún ìṣẹ́jú nìyẹn, ó sì ń dé ní gbogbo wákàtí 4. A rí káàdì kan lábẹ́ tábìlì. Ọ̀kan wà nínú àpò aṣọ iṣẹ́ ọkùnrin kan, ó ti gbé e lọ sílé, ìyàwó rẹ̀ ti fọ̀ ọ́ mọ́ aṣọ, ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ti parẹ́. A ò rí ẹ̀kẹta títí dòní. Bí a bá ti fi 4 kún un lọ́jọ́ yẹn, dídúró ì bá tán lóòótọ́, ṣùgbọ́n káàdì á máa sọnù lọ, a ó sì máa fi kún un lọ. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń kọ nọ́ńbà sára wọn, 1 dé 14, tí wọ́n sì ń kà wọ́n ní gbogbo ọjọ́ Sátidé.

Àṣà kan tún wà tó ń jẹ káàdì láìsọnù. Òṣìṣẹ́ á fi káàdì sílẹ̀ lára àpótí títí pẹ́dà á fi tán nínú rẹ̀, kó tó yọ ọ́. Lójú rẹ̀, kò sóhun tó bà jẹ́. Ṣùgbọ́n pẹ́dà 20 gba ogún ìṣẹ́jú kó tó tán, káàdì ti pẹ́ ní ogún ìṣẹ́jú, odindi àpótí kan ti bọ́ sínú ìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ kó wo àpótí tó wà lórí tábìlì: bí wọ́n bá ti mú nínú rẹ̀, tí káàdì sì ṣì ń bẹ lára rẹ̀, àṣà náà ti wọlé.

Ẹnì kan lè bi mí pé, ṣé 14 ni títí láé? Rárá o. Bí ibi ìtòpọ̀ bá sáré, tí àpótí kíkún 5 tàbí 6 kò sì kúrò níbẹ̀ rárá, káàdì ti pọ̀ jù. Ẹ yọ ẹyọ kan, kí ẹ wò ó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí dídúró bá dé, ẹ wá ohun tó fà á kí ẹ tó dá káàdì padà. Ọ̀nà tó dára jù ni ká gé àkókò kúrú. Nígbà tí wọ́n sọ ọmọlanke di ààbọ̀ wákàtí ààbọ̀ wákàtí, dídúró nínú agolo di ààbọ̀ wákàtí, ìpadàbọ̀ náà di ààbọ̀ wákàtí. Wákàtí 4 di 3. 60 lọ́nà 3 jẹ́ 180, pẹ̀lú 18 jẹ́ 198, àpótí 10 gbà á. Káàdì 4 kúrò nílẹ̀, pẹ́dà 80 kúrò lójú ọ̀nà, ẹnikẹ́ni kò ra ẹ̀rọ.

Ibì kan wà tí ìṣirò yìí kò ti ràn wá lọ́wọ́. Bí wọ́n bá to kẹ̀kẹ́ 720 lọ́jọ́ Ajé, tí wọ́n to 240 lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tí a bá pa méjèèjì pọ̀ tí a pín in sí méjì, 480 náà la ó rí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ajé, 90 ni wọ́n ń lò ní wákàtí kan, wákàtí 4 gba 360, àpótí 18 gbáko kí ìfikún tó dé. Káàdì 14 á kù káàtó. Kí wọ́n kọ́kọ́ mú iṣẹ́ ọjọ́ méjèèjì dọ́gba, kí wọ́n tó wá ka káàdì. Ohun tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún kò sì bá káàdì mu rárá. Kí wọ́n ṣe é nígbà tí wọ́n bá bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́.

Ẹ wá gbìyànjú èyí nílé. Ìjókòó kẹ̀kẹ́: 240 lójúmọ́, wákàtí 8. Káàdì ń lo wákàtí 5 kó tó padà. Àpótí kan gba 15. Ẹ fi ìdá mẹ́wàá kún un. Ẹni tó bá rí 11 ti rí i. Ẹni tó bá rí 10, ó gbàgbé ìfikún.