Ọ̀pá, Wáyà àti Híńjì: Ta Ló Ń Gbé Ẹrù?

Ọ̀rọ̀ mi lónìí kò ju ti ọ̀pá irin kan tí wọ́n fi gbé pátákó ṣọ́ọ̀bù kọ́ lójú títì.

Ọ̀pá náà gùn tó mítà 4, ó sì nà gbọnrangandan jáde láti ara ògiri. Ìwúwo rẹ̀ jẹ́ 400 níútìn, ìyẹn nǹkan bí 40 kílò. Bákan náà ló nípọn láti ìdí dé ṣóńṣó, nítorí náà a lè ka gbogbo ìwúwo rẹ̀ sí àárín gan-an, mítà 2 sí ògiri. Pátákó tó rọ̀ ní ṣóńṣó rẹ̀ wúwo tó 200 níútìn. Híńjì ló di ìdí ọ̀pá mú mọ́ ògiri. Wáyà tí wọ́n so mọ́ ṣóńṣó gba òkè lọ sára ògiri kan náà, igun tó wà láàárín òun àti ọ̀pá sì jẹ́ 30 dígírì.

Ní 1638, Galileo tẹ ìwé kan jáde tó ní àwòrán igi tí wọ́n rì mọ́ inú ògiri, tí ẹrù rọ̀ sí lórí. Igi ti Galileo kò nílò wáyà, nítorí ògiri tó gbé e mì lè kọ̀ fún un láti yí. Híńjì kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ó lè ti ọ̀pá síta, ó lè gbé e sókè, ó sì lè fà á sísàlẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè dá a dúró kó má yí. Wáyà nìkan ló lè ṣe ìyẹn.

Nǹkan mẹ́ta ni a ń wá: ìfà inú wáyà, ipá híńjì ní ìbú àti ipá rẹ̀ ní òòró. Ibi híńjì ni kí a ti wọn agbára ìyí, nítorí ipá híńjì méjèèjì gba ojú ibẹ̀ kọjá, wọn kò lè yí ohunkóhun níbẹ̀. Ìfà wáyà nìkan ló wá kù tí a kò mọ̀. Ìwúwo ọ̀pá ń yí i sísàlẹ̀ pẹ̀lú 400 lọ́nà 2, ìyẹn 800. Ti pátákó jẹ́ 200 lọ́nà 4, òun náà 800. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1600. Nínú ìfà wáyà, apá tó ń lọ sókè nìkan ló ń yí ọ̀pá padà. Ní igun 30 dígírì, ìdajì ìfà náà ni. Tí a bá pe ìfà náà ní T:

T × sin 30° × 4 = 1600, T = 800

Ìfà wáyà jẹ́ 800 níútìn. Ẹ ṣàkíyèsí pé gbogbo ẹrù tó wà nílẹ̀ kò ju 600 lọ. Apá tó ń lọ sókè jẹ́ 400, híńjì á wá gbé 200 tó kù. Ní ìbú, wáyà ń fa ọ̀pá wọ ògiri pẹ̀lú 693 níútìn, híńjì sì gbọ́dọ̀ fi iye kan náà tì í síta.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló máa ń sọ gbogbo T di ìlọ́po 4 láìbojúwo igun, wọ́n á sì rí 400 dípò 800. Báwo ni èèyàn ṣe lè mọ̀ pé ó ti ṣì í? Ẹ kúrò níbi híńjì, kí ẹ tún un wọ̀n láti ṣóńṣó. Níbẹ̀, wáyà àti pátákó kò lè yí ohunkóhun mọ́. Ìwúwo ọ̀pá nìkan, 400 lọ́nà 2, ló kù tó dojú kọ ipá òòró híńjì lọ́nà 4. Ipá òòró náà gbọ́dọ̀ jẹ́ 200. Ẹni tó rí 400 fún wáyà á rí 400 fún híńjì pẹ̀lú, ìdọ́gba á sì dàrú.

Ìṣirò kejì yìí tú àṣírí kan tó dùn mọ́ mi. Kò sí pátákó nínú rẹ̀, kò sì sí igun. Ẹ gbé pátákó tó wúwo ju ti àkọ́kọ́ ní ìlọ́po méjì kọ́: ìfà wáyà á di 1200, ipá ìbú á di 1039, ṣùgbọ́n 200 ni ipá òòró híńjì yóò ṣì jẹ́. Ẹ dá pátákó 200 padà, kí ẹ wá rọ wáyà sísàlẹ̀ dé 10 dígírì: ìfà á fò dé nǹkan bí 2300, ìdè tó wà lókè ògiri lè fà tu, síbẹ̀ 200 náà ni. Níwọ̀n ìgbà tí wáyà àti pátákó bá jọ wà ní ṣóńṣó, ìdajì ìwúwo ọ̀pá ni híńjì ń gbé.

Ṣùgbọ́n kí a ní alágbẹ̀dẹ fẹ́ ṣọ́ wáyà ná, ó wá so ó mọ́ àárín ọ̀pá, ní igun 30 dígírì kan náà. Agbára ìyí ẹrù kò yí padà, 1600 náà ni. Ṣùgbọ́n mítà 2 péré ni wáyà fi jìnnà sí híńjì báyìí. Ìfà rẹ̀ á di 1600, apá tó ń lọ sókè á di 800. Ẹrù kò sì ju 600 lọ. Híńjì á ní −200, ìyẹn ni pé òun ló ń fa ìdí ọ̀pá sísàlẹ̀ kó má bàa gbéra. Àmì òdì yẹn kì í ṣe àṣìṣe ìṣirò, ẹ má pa á rẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé ìkọ́ tí ẹnu rẹ̀ ṣí sókè ni wọ́n kàn gbé ìdí ọ̀pá lé, ọ̀pá á yọ jáde níbẹ̀, ṣóńṣó á sì já wálẹ̀ pẹ̀lú pátákó. Nọ́ọ̀tì àti bóòtù ló yẹ kí wọ́n fi dè é.