Súwíìṣì Kan, Olùwòran Mẹ́rìndínlógún: Ìbéèrè Oníkafé kan àti Ìdáhùn Rẹ̀

Ìbéèrè kan ni ọ̀rọ̀ mi dá lé lórí lónìí. Obìnrin kan tí ó ní sáíbà-kafé ni ó bi mí, owó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí ó fẹ́ ná lórí ọ̀ràn náà.

Ó ní, 'Bàbá, kọ̀ǹpútà 16 ni mo ní, súwíìṣì kan ṣoṣo ni ó so gbogbo wọn pọ̀. Ní òwúrọ̀, bí oníbàárà mẹ́ta bá ń ṣiṣẹ́, gbogbo nǹkan a máa yá. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́ tí gbogbo wọn ń wo fídíò, àwòrán a máa dúró, ẹni tí ó fẹ́ kún fọ́ọ̀mù lásán pàápàá yóò jókòó títí. Ṣé kí n ra súwíìṣì tuntun ni?'

Mo ní, 'Ìyáàfin, ẹ má tíì rà á. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ẹni tí ó jẹ̀bi.'

Ohun gbogbo tí ó ń wọ inú kọ̀ǹpútà ni a ti pín sí ìdì kéékèèké. Ìdì kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́sì lórí. Súwíìṣì a kà á, a sì fi í ránṣẹ́ sí ẹnu ihò wáyà ẹni tí ó ni ín nìkan. Nínú èyí ni ó ti yàtọ̀ sí họ́ọ̀bù ayé àtijọ́, tí í máa pín ìdì kan náà fún gbogbo ilé, tí gbogbo wọn sì ń jìjàdù ọ̀nà kan. Lára súwíìṣì obìnrin yìí, ihò kọ̀ọ̀kan lè gba mẹ́gábíìtì 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò. Fídíò tí ó mọ́ kedere ń fẹ́ nǹkan bí mẹ́gábíìtì 5 ní ìṣẹ́jú-àáyá. Ènìyàn 16 yóò fẹ́ 80. Gbogbo rẹ̀ ni yóò gba inú wáyà kan ṣoṣo tí ó so súwíìṣì mọ́ ráútà. Wáyà náà lè gba 100, nítorí náà àyè ṣì kù. Ṣùgbọ́n ìlà íńtánẹ́ẹ̀tì tí obìnrin náà ń sanwó fún kò ju 20 lọ. Ibẹ̀ ni ọrùn akèrègbè wà: bí inú rẹ̀ ti wù kí ó tóbi tó, ìwọ̀n tí ọrùn bá gbà ni ẹmu yóò fi jáde. Ènìyàn mẹ́rin péré ni ó lè wo fídíò kedere. Bí 16 bá pín 20, 1.25 ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Fídíò yóò sọ ara rẹ̀ di bàìbàì, tàbí kí ó dúró.

Kí ni ó wá ṣe ẹni tí ó ń kún fọ́ọ̀mù? Ìdì tí kò ráyè kọjá kì í sọnù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. A máa tò sórí ìlà níbi tí ọ̀nà ti há, lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tí ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹrù tí ó tò bá tó mẹ́gábáìtì 1, èyí tí í ṣe mẹ́gábíìtì 8, ìlà 20 yóò lo ìdá méjì nínú márùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá kí ó tó kó o tán. Ẹ̀yìn ẹrù fídíò yìí ni ìdì fọ́ọ̀mù ń tò sí, ní àtòtúntò, nítorí pé ojú ìwé kan a máa béèrè, a máa gba èsì lọ́pọ̀ ìgbà kí ó tó ṣí.

Báwo ni a ṣe lè fi ojú ara wa rí i? Ní ìrọ̀lẹ́ tí èrò bá pọ̀, kí a tẹ méjì yìí, bí ó bá jẹ́ pé nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni ti ráútà ilé:

```
ping 192.168.1.1
ping 8.8.8.8
```

Àkọ́kọ́ gba inú súwíìṣì dé ráútà, ó sì padà. Èkejì jáde síta. Bí àkọ́kọ́ bá ń ka `time=1ms` tí èkejì ń ka `time=400ms`, súwíìṣì kò mọwọ́mẹsẹ̀. Bí àkọ́kọ́ náà bá ń falẹ̀, kí a yẹ wáyà ráútà wò: wáyà tí ó bàjẹ́ lè mú kí ihò náà rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ láti 100 sí 10.

Àbọ̀ ìdáhùn mi nìyí. Kí ó lọ sí ibi tí a kọ `QoS` sí nínú ráútà, kí ó fi òdiwọ̀n sí 18, kí ó sì pín in lọ́gbọọgba fún kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan. Nítorí pé 18 kéré sí 20, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìdì yóò máa tò sí, òun ni yóò sì máa pàṣẹ ẹni tí yóò kọjá. Oní-fọ́ọ̀mù yóò bọ́. Ṣùgbọ́n èyí kò sọ ọ̀nà di gbòòrò: díẹ̀ lé ní 1 ni yóò kan olùwòran kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá fẹ́ kí gbogbo wọn rí kedere, ìlà tí ó ju 80 lọ ni kí ó rà. Ìgbà tí ìlà náà bá kọjá 100 ni súwíìṣì rẹ̀ yóò tó di ọrùn akèrègbè, ìgbà náà ni owó súwíìṣì tuntun tó jáde.