Irun Òkè Ojú Nínú Fótò: Bí A Ṣe Lè Dí Àlàfo Láì Sọ Onífótò Di Àjèjì

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kò ju ẹyọ kan lọ. Bí irun òkè ojú ẹni tó ya fótò bá ti re, tó sì ní ká bá òun dí i, ohun tí kámẹ́rà lè rí ló yẹ kó sọ bí a ó ṣe ṣe é. Níbi tí kámẹ́rà ti lè rí irun lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, ẹ fa irun lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Níbi tí kò ti lè rí i, ẹ fi àwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ dí àlàfo, kí ẹ má fa irun kankan. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tó ń dà bí ìgbà tí wọ́n fi kálámù kọ ojú èèyàn kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò dáńgájíá. Iṣẹ́ ẹni tí kò kọ́kọ́ wọn ohun tó wà níwájú rẹ̀ ni.

Kí n tó dé orí ìwọ̀n yẹn, ẹ jẹ́ ká wo ìdí tí ibi kékeré yìí fi gba ìṣọ́ra. Ní ọdún 2003, Javid Sadr àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde lórí bí a ṣe ń dá ojú mọ̀. Wọ́n kó fótò àwọn gbajúmọ̀ jọ, wọ́n pa ẹyinjú rẹ́ nínú àwọn kan, wọ́n pa irun òkè ojú rẹ́ nínú àwọn mìíràn, wọ́n wá ní kí àwọn èèyàn sọ ẹni tí wọ́n ń wò. Àwọn tó wò ó rí i dá mọ̀ nígbà tí kò sí ẹyinjú ju ìgbà tí kò sí irun òkè ojú lọ. Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀ fún wa. Èkíní ni pé ẹni tó ní ká dá irun òkè ojú òun padà kò béèrè fún ohun ọ̀ṣọ́ lásán, nítorí ara ohun tí ẹbí àti ọ̀rẹ́ fi ń mọ̀ ọ́n ni. Èkejì ni pé bí a bá gbé irun tí kì í ṣe tirẹ̀ lé e lójú, a ti sọ ọ́ di ẹlòmíràn, bó ti wù kí irun náà dára tó. Nítorí náà, irun tó ṣẹ́ kù lójú ẹni náà ni ẹlẹ́rìí wa. Òun ni a ó máa bi ní ìbéèrè títí iṣẹ́ á fi parí.

Ó wá kan ìwọ̀n. Ojú àgbàlagbà fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 14 láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan dé èkejì, èyíinì ni mílímítà 140. Ká sọ pé a ya ẹnì kan láti àyà sókè, tí ojú rẹ̀ sì gba písẹ́lì 2000 ní ìbú. Bí a bá fi 140 pín 2000, mílímítà kan yóò gba nǹkan bíi písẹ́lì 14. Ẹyọ irun òkè ojú kò nípọn ju nǹkan bíi ìdá 7 nínú ìdá 100 mílímítà kan lọ. Ìyẹn ni pé nínú fótò yìí, ẹyọ irun kan gba nǹkan bíi písẹ́lì kan péré. Kámẹ́rà rí i, ṣùgbọ́n ó rí i tín-ín-rín. Ẹni tó bá fi búrọ́ọ̀ṣì písẹ́lì 6 fa á ti fa irun tó nípọn tó irun mẹ́fà tí a so pọ̀, ojú yóò sì mọ̀ ọ́n kódà bí ẹnu kò bá lè ṣàlàyé rẹ̀. Ẹ wá mú fótò aṣọ ẹbí, níbi tí èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti dúró pọ̀, tí ojú kọ̀ọ̀kan kò ju písẹ́lì 200 lọ. Ìbú irun níbẹ̀ kò ju ìdá kan nínú mẹ́wàá písẹ́lì kan. Kò sí kámẹ́rà tó rí ẹyọ irun kan nínú irú fótò bẹ́ẹ̀; òjìji tó dúdú díẹ̀ lókè ojú ló rí. Bí a bá wá lọ fa irun síbẹ̀, ojú ẹnì kan yóò ní ohun tí ojú àwọn mẹ́rìnlá yòókù kò ní.

Lẹ́yìn ìwọ̀n, ìrísí ló kàn, ó sì gbọ́dọ̀ ṣáájú irun. Ẹni tó bá ti fa irun tán kó tó lo `Liquify` láti gbé òkè ojú sókè yóò fa irun gùn, yóò sì mú kí ó nípọn níbì kan ju ibòmíràn lọ. Àwọn aṣojúlóge ní òfin kan tí wọ́n ń tẹ̀ lé: ìlà tó gba ẹ̀gbẹ́ ihò imú lọ sókè tààrà ni ibi tí irun ti bẹ̀rẹ̀, ìlà tó ti ibẹ̀ gba igun òde ojú kọjá ni ibi tó parí sí. Ojú tí imú rẹ̀ kò fẹ̀ ju àlàfo tó wà láàárín ojú méjèèjì lọ ni òfin yìí bá mu. Imú ọ̀pọ̀ nínú wa fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá tẹ̀ lé òfin náà bó ṣe wà, irun méjèèjì yóò jìnnà síra wọn jù, iwájú orí yóò sì dà bíi pé ó ṣófo. Egungun òkè ojú àti irun tó kù ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ẹ má sì da ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún kọ sí òsì, nítorí irun òkè ojú méjì kì í bára dọ́gba lójú ẹnikẹ́ni, ìmọ́lẹ̀ kì í sì í bọ́ sára àwọn méjèèjì bákan náà.

Ẹ jẹ́ ká gbé iṣẹ́ kan yẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ká ní fótò ọjọ́ ìbí ìyá ẹni ọgọ́rin ọdún ni, ojú gba písẹ́lì 2000, ìmọ́lẹ̀ ń bọ̀ láti òsì, ìdá kan nínú mẹ́ta irun náà sì ti re ní apá òde. Ẹ kọ́kọ́ wo bí irun tó kù ṣe dojú kọ. Nítòsí imú, wọ́n máa ń dìde sókè. Láàárín, àwọn tòkè máa ń rọ sísàlẹ̀ sí òde, àwọn tìsàlẹ̀ máa ń gòkè sí òde, wọ́n á sì bo ara wọn bíi koóko tí a fi bo ilé. Ní ìrù, gbogbo wọn á sùn sí òde. Lẹ́yìn èyí, ẹ sàmì sí igun mẹ́rin kékeré kan tó jẹ́ písẹ́lì 70 ní ìbú àti ní òòró lẹ́bàá àlàfo náà, kí ẹ ka irun tó wà nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ 12, igun mẹ́rin tó tẹ̀ lé e yóò gba 8, èyí tó tún tẹ̀ lé e yóò gba 5, ìrù yóò gba 3. Awọ ara gbọ́dọ̀ máa hàn láàárín wọn, nítorí àlàfo yẹn gan-an ló ń jẹ́ ká gbà pé irun ni. Lórí ìpele tuntun, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tí agbára rẹ̀ kò ju 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ mú awọ tó wà nísàlẹ̀ ṣú díẹ̀. Lórí ìpele mìíràn, ẹ fa irun, kí ìdí rẹ̀ má ju písẹ́lì 2 lọ, kí ṣóńṣó rẹ̀ sì tán lọ́wọ́. Ẹni tí kò ní pẹ́ẹ̀nì ìyàwòrán lè fa ìlà títẹ̀, kó wá lo `Stroke Path` pẹ̀lú `Simulate Pressure`. Kí irun kọ̀ọ̀kan tẹ̀ díẹ̀, kí gígùn wọn má bára mu.

Àwọ̀ ni ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Lójú awọ dúdú, irun àti awọ kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra wọn. Dídán ló ń ya irun sọ́tọ̀ níbẹ̀, pàápàá ní ìhà tí ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ̀. Nítorí náà, ẹ má lo dúdú kirikiri. Ẹ mú àwọ̀ láti ara irun tó kù, ẹ mú mẹ́ta tó yàtọ̀ síra: èyí tó ṣú, èyí tó wà láàárín, àti èyí tó mọ́lẹ̀ díẹ̀ fún apá òsì tí ìmọ́lẹ̀ ń bà. Bí ewú bá wà nínú irun ìyá náà, kí ewú wà nínú èyí tí ẹ fi kún un. Lẹ́yìn náà, `Gaussian Blur` tí kò ju ìlàjì písẹ́lì lọ àti `Add Noise` díẹ̀ yóò mú kí irun tuntun rí bí fótò yòókù. Láti mọ̀ bóyá ó jóòótọ́, ẹ fi wé irun etí ìpéǹpéjú tó wà nítòsí rẹ̀. Bí irun tí ẹ fà bá mú ju ìyẹn lọ, kì í ṣe kámẹ́rà ló yà á. Ẹ tún yí fótò náà kí òsì rẹ̀ di ọ̀tún, kí ẹ dín in kù dé bó ṣe máa rí lórí páálí tí ẹ ó tẹ̀ ẹ́ sí. Àṣìṣe tí ojú ti mọ́ lára yóò fara hàn.

Àwọn kan yóò ní irọ́ ni gbogbo èyí, pé ohun tí kámẹ́rà kò rí kò yẹ kó wà nínú fótò. Ọ̀rọ̀ ńlá ni, mo sì gba apá kan rẹ̀. Fótò ìwé ìrìnnà, fótò káàdì ìdánimọ̀ àti fótò tí dókítà fẹ́ fi wo àìsàn kò gbọ́dọ̀ ní irun kan tí a fi kún un, nítorí pé a dá wọn sílẹ̀ láti jẹ́rìí sí bí ara ṣe rí ní ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo fótò ló ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Stephen Sprague, tó ṣèwádìí nípa àwọn ayàwòrán ní Ìlá Ọ̀ràngún ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1978, ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú. Wọ́n á ya èyí tó wà láàyè, wọ́n á sì fi àwòrán rẹ̀ dúró fún àwọn méjèèjì nínú fótò kan ṣoṣo. Ẹbí mọ bí wọ́n ṣe ṣe é, kò sì sẹ́ni tí wọ́n fẹ́ tàn jẹ. Ohun tó ya títún-ṣe sọ́tọ̀ kúrò lára ìtànjẹ ni pé ẹni tó ni ojú mọ̀ sí i, ó sì fẹ́ ẹ, kò sì sí ẹni tó ń fi fótò náà ṣe ẹ̀rí.

Àwọn mìíràn yóò ní oníbàárà ló lówó, òkè ojú tó dúdú tó sì mú ketekete ni wọ́n sì ń fẹ́. Bí obìnrin bá fá irun rẹ̀ tó sì fi pẹ́ńsù kọ ọ́ wá síbi ayẹyẹ, pẹ́ńsù ló wọ̀, pẹ́ńsù ni kí fótò fi hàn. Ẹ tún etí rẹ̀ ṣe, kí ẹ má fa irun lé e lórí. Bó bá jẹ́ pé irun tirẹ̀ ló wà níbẹ̀, tó sì fẹ́ kó ṣú sí i, ẹ fi ìpele àwọ̀ mú un ṣú, kí ẹ fi irun tó ní sílẹ̀ bó ṣe wà. Wọ́n tún máa ń sọ pé orí fóònù ni wọ́n á ti wò ó, ta ni yóò rí ẹyọ irun? Òótọ́ ni. Ìdí sì nìyẹn tí mo fi ní kí ìwọ̀n ṣáájú. Fótò tí yóò dúró sórí fóònù kò nílò ju àwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ lọ, ẹ má fi wákàtí ṣòfò lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí fótò kan náà bá máa di férémù ńlá nínú pálọ̀, gbogbo ohun tí fóònù bò mọ́lẹ̀ ni ògiri yóò tú síta.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ yìí ni pé kí ẹ wọn ojú kí ẹ tó mú búrọ́ọ̀ṣì, kí ẹ bi irun tó kù léèrè kí ẹ tó fa tuntun, kí ẹ sì tọ́jú ojúlówó fótò náà láì fọwọ́ kàn án. Bí oníbàárà bá padà wá sọ pé èyí kì í ṣe ojú òun, ẹ gbà á gbọ́, kí ẹ sì tún un ṣe.