Bí Wọ́n Bá Ní Kò Sówó Tí Àwọn Lè Fi Kún Un



Lóṣù Kẹjọ ọdún tó kọjá, àbúrò mi kan gba ìwé ìgbanisíṣẹ́: ₦350,000 lóṣù. ₦420,000 ló ń fẹ́. Wọ́n ní ìṣúná ti dé òpin. Mo ní kó má bá wọn jiyàn, kó kàn béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni kò ṣeé yí gan-an: owó ipele yìí, àbí ipele fúnra rẹ̀?" Ní báńkì tiwa, ipele kọ̀ọ̀kan ló ní iye tirẹ̀. Ẹni tó ń gbani síṣẹ́ kò lè kọjá iye yẹn, ṣùgbọ́n ó lè gbé èèyàn sí ipele tó ga jù bí ìrírí rẹ̀ bá tó bẹ́ẹ̀.

Wọn ò gbà. Ó wá bẹ̀ wọ́n pé tí wọ́n bá ti fìdí òun múlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, kí owó náà di ₦390,000. Oṣù Kejì nìyẹn, ìṣúná tuntun ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbà. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ fi ṣe é (ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n!). Ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Ìgbà tí ìwé náà tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ló tó fi iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀.