Kì Í Ṣe Gbogbo Ẹ̀jẹ̀ Ìdí Ni Jẹ̀díjẹ̀dí

Ẹgbẹ́ ní kí àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn wá sọ̀rọ̀ lórí jẹ̀díjẹ̀dí. Nígbà tí ẹnikẹ́ni ní Òkè-Ògùn bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ rẹ̀, jẹ̀díjẹ̀dí ni a ó pè é, àgbo ni a ó sì wá. Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn orúkọ náà bá a mu. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti ń ṣàìsàn, ó lè jẹ́ ohun mìíràn pátápátá, tí ó lè gba ẹ̀mí rẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ jẹ̀díjẹ̀dí gan-an. Gbogbo ènìyàn ni a bí pẹ̀lú ẹran rírọ̀ tí ẹ̀jẹ̀ kún inú rẹ̀, tí ó wà nínú ihò ìdí bí tìmùtìmù, tí ó ń ràn wá lọ́wọ́ láti pa ẹnu ọ̀nà náà dé. Bí ìgbẹ́ bá ń le, tí ènìyàn ń fi agbára yàgbẹ́ fún ọdún pípẹ́, tàbí bí obìnrin bá lóyún, ẹran yìí a wú, a sì yọ̀ wá sísàlẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ pupa a máa kán lé ìgbẹ́ lórí, ìdí a máa yún, nígbà mìíràn ẹran náà a yọ síta, a ó sì tì í padà. Èyí kò ní ohun kan ṣe pẹ̀lú ẹ̀dọ̀. Ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ le koko lè ní i, ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń ṣàìsàn náà lè ní i.

Ohun kejì yàtọ̀ láti ìpìlẹ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ẹ̀jẹ̀ tí ó ti inú ikùn àti ìfun bọ̀ ni ó ń pàdé nínú iṣan ńlá kan, tí ó ń gbé e lọ sínú ẹ̀dọ̀ kí ó tó dé ọkàn. Bí kòkòrò àrùn hẹpatáítísì B tàbí ọtí líle bá ti ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ fún ọdún púpọ̀, ẹ̀dọ̀ a kún fún àpá, a sì le, ẹ̀jẹ̀ kò sì ní rí ọ̀nà gbà bọ́ sí i. Ẹ wo bí ó ti máa ń rí nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù bá dábùú ọ̀nà Ìṣẹ́yìn: àwọn ọkọ̀ yòókù a yà sínú igbó, ọ̀nà tóóró tí kẹ̀kẹ́ nìkan ń gbà tẹ́lẹ̀ a sì di ọ̀nà ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹ̀jẹ̀ ń ṣe. Ó ń ṣẹ́rí padà, ó ń wá ọ̀nà ẹ̀bùrú gba inú àwọn iṣan kéékèèké tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà ọ̀fun àti ní ìpẹ̀kun ìfun. Àwọn iṣan wọ̀nyí a wú, ara wọn a fẹ́lẹ́, wọ́n sì lè bẹ́.

Ní ọdún 1989, àwọn oníṣègùn ìlú Ṣẹ́fíìdì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ ìròyìn àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún 100 ènìyàn tí ẹ̀dọ̀ wọn ti le. Wọ́n rí iṣan wíwú yìí nídìí 44 nínú wọn. Díẹ̀ nínú irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni iṣan náà ń bẹ́ fún. Ṣùgbọ́n bí ó bá bẹ́, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè pọ̀ jọjọ.

Báwo ni a ó ṣe mọ ìyàtọ̀? Jẹ̀díjẹ̀dí kì í kọjá inú ihò ìdí fúnra rẹ̀, tí gígùn rẹ̀ tó ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 4. Iṣan wíwú a máa gun òkè kọjá ibẹ̀ lọ sínú ìfun, a lọ́ pọ̀ bí ìtàkùn, àwọ̀ rẹ̀ a sì dà bí aró tí ó ti ṣá. Bí dókítà bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, a fọ̀. Bí ó bá gbé ìka kúrò, a tún kún. Ojú lásán nílé kò lè rí èyí. Ohun tí ará ilé lè rí ni àmì ẹ̀dọ̀: ojú pípọ́n bí ìyeyè, ìtọ̀ tí ó dúdú bí omi tíì, ikùn tí omi kún, ẹsẹ̀ wíwú, èébì ẹ̀jẹ̀, ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà.

Ẹ jẹ́ kí a fi àgbẹ̀ kan ẹni àádọ́ta ọdún ṣe àpẹẹrẹ. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó. Ní ọdún méjì sẹ́yìn ni ojú rẹ̀ pọ́n. Lẹ́yìn náà ikùn rẹ̀ wú tó bẹ́ẹ̀ tí ṣòkòtò kò fi gbà á mọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ó lọ yàgbẹ́, ẹ̀jẹ̀ sì tú jáde láìsí ìrora, òòyì sì ń kọ́ ọ. Bí àwọn ará ilé bá pè é ní jẹ̀díjẹ̀dí, tí wọ́n fún un ní àgbo tí a fi ògógóró rẹ, ẹ̀dọ̀ tí ó ti bàjẹ́ ni wọ́n tún fún ní májèlé. Bí wọ́n bá fún un ní ásípírínì, ẹ̀jẹ̀ yóò máa dà sí i. Bí ẹnì kan bá sì gbé abẹ bọ̀ ọ́, tí ó ní òun fẹ́ gé jẹ̀díjẹ̀dí, odò ni ó ṣí.

Ohun tí ó tọ́ ni pé kí wọ́n dá a dùbúlẹ̀, kí wọ́n má fún un ní ohunkóhun mu, kí wọ́n wá ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìṣẹ́yìn lójú ẹsẹ̀, kí ẹbí méjì tàbí mẹ́ta bá a lọ nítorí ẹ̀jẹ̀. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí wọn yóò sọ lẹ́nu ọ̀nà ni pé, “Ó ní àìsàn ẹ̀dọ̀.” Ọ̀rọ̀ yẹn ni yóò yí ìtọ́jú padà. Wọn yóò fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára níwọ̀n, nítorí pé bí ó bá pọ̀ jù, agbára inú iṣan yóò tún ga. Wọn yóò fún un ní oògùn tí ń pa kòkòrò, àti èyí tí ń dín ẹ̀jẹ̀ tí ń ṣàn gba ìfun kù. Bí ó bá ti rọ̀, wọn yóò gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá bí ti Yunifásítì ní Ìbàdàn. Níbẹ̀, dókítà yóò fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ní iná lórí wo ọ̀nà ọ̀fun àti ìfun. Yóò gún oògùn tí ń di iṣan pa sínú rẹ̀, tàbí kí ó fi rọ́bà dè é, tàbí kí a rán an. Lẹ́yìn náà, púrópúránólọ́ọ̀lù tí dókítà bá wọ̀n fún un lè mú kí agbára inú iṣan náà rẹlẹ̀. Síbẹ̀, gbogbo èyí kò wo ẹ̀dọ̀ sàn. Ọ̀nà ẹ̀bùrú ni a dí, òpópó kò tíì là.

A kò ní kí ẹnikẹ́ni tí ó bá rí ẹ̀jẹ̀ kan máa sunkún. Jẹ̀díjẹ̀dí ṣì pọ̀, ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń ṣàìsàn sì lè ní méjèèjì pọ̀. Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹni tí ojú rẹ̀ ti pọ́n rí, tàbí tí ikùn rẹ̀ ń wú, má ṣe fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ìdí. Láti ọdún 2004 ni a ti fi abẹ́rẹ́ hẹpatáítísì B kún abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ ọwọ́ ní Nàìjíríà. Kí ọmọ gba èkínní láàrin wákàtí 24 tí a bí i. Àwa àgbà tí a kò gba abẹ́rẹ́ náà ní èwe, ẹ jẹ́ kí a lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wa wò.