Kọ́kọ́rọ́ Tí Kò Ní Èkejì: Ẹ̀dà Ìfipamọ́ WhatsApp àti Ọ̀rọ̀ Aṣínà Tí A Gbàgbé



Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fẹ́ dáhùn. Ẹ jẹ́ kí a gbà pé fóònù ìyá kan bọ́ sódò, ó sì ra òmíràn. Ohùn ọkọ rẹ̀ olóògbé wà nínú ẹ̀dà ọ̀rọ̀ WhatsApp tí ó fi pamọ́ sí Google Drive. Nọ́ńbà fóònù rẹ̀ kò yí padà, Google sì gbà á wọlé. Síbẹ̀, fóònù tuntun ń béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà tí ó ti gbàgbé. Èé ṣe tí ilé-iṣẹ́ náà kò fi lè bá a ṣí i?

Ní ọdún 2021 ni WhatsApp bẹ̀rẹ̀ sí í fún ẹni tó bá fẹ́ láàyè láti sọ ẹ̀dà ìfipamọ́ rẹ̀ di àdììtú. Fóònù fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣẹ̀dá kọ́kọ́rọ́ náà, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ bíìtì 256. Òun ni ó fi ń ti ọ̀rọ̀, àwòrán àti ohùn kí wọ́n tó kúrò lọ́wọ́ ẹni. Nítorí náà, àdììtú nìkan ni ó dé ọ̀dọ̀ Google.

Níbo wá ni kọ́kọ́rọ́ wà? Ẹni tó bá fẹ́ lè tọ́jú rẹ̀ fúnra rẹ̀: àmì 64 ni. Láti ọdún 2025, a tún lè fi ìka tàbí ojú dípò ọ̀rọ̀ aṣínà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá yan ọ̀rọ̀ aṣínà, bí ìyá yìí, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà nínú ẹ̀rọ ìṣọ́ àkànṣe kan. Fóònù a fi hàn fún ẹ̀rọ náà pé òun mọ ọ̀rọ̀ náà, láìsọ ọ́ jáde. Bí a bá ṣì í ní ìgbà mélòó kan tí wọ́n ti dá, ẹ̀rọ náà a sé kọ́kọ́rọ́ mọ́ títí láé. Ó ní ìdí: ọ̀rọ̀ tí ènìyàn lè rántí, olè lè méfò rẹ̀ bí kò bá sí òdiwọ̀n. Odi tí ó dá olè dúró náà ni ó dá ìyá wa dúró.

Àṣìṣe púpọ̀ wà níhìn-ín. Nọ́ńbà mẹ́fà tí WhatsApp máa ń béèrè nígbà ìforúkọsílẹ̀ ṣeé pààrọ̀ bí a bá gbàgbé rẹ̀. Nǹkan mìíràn ni, kò ṣí ẹ̀dà yìí. Ọ̀rọ̀ aṣínà Google kàn ń gbé àpótí wá ni. Kò ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Kí ni ìyá yìí lè ṣe? Kí ó dẹ́kun ìméfò, kí ó wá inú ìwé àti ìrántí rẹ̀ dáadáa. Kí ó má ṣe ẹ̀dà tuntun sínú àpamọ́ Google kan náà, nítorí tuntun a máa pa ti àtijọ́ rẹ́. Ká ní fóònù àtijọ́ ṣì wà tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì pé, ìbá ti yí ọ̀rọ̀ aṣínà padà níbẹ̀. Bí kò bá rántí, ohùn náà ṣì wà ní Google, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò gbọ́ ọ mọ́.